Tẹ́ẹ̀sì Básíìkì Sáyẹ́ǹsì: ọ̀nà mẹ́ta tí ooru ń gbà rìn, àti ibi táwọn ọmọ ti ń ṣì í

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o tíṣà. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n ní tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ Fúráìdè. Ó mọ ìtumọ̀ kọ́ńdọ́kṣọ̀n, kọ́nfẹ́kṣọ̀n àti rediéṣọ̀n lórí dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bi í nípa ìkòkò tó wà lórí iná, ó ti ń méfò nìyẹn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun mà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé àpẹẹrẹ ni wọ́n há sórí, wọ́n á ní ìkòkò lórí iná, kọ́ńdọ́kṣọ̀n, ó parí, bẹ́ẹ̀ ìkòkò kan ṣoṣo yẹn, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ìbéèrè tọ́ka sí lára ìkòkò yẹn ni kó wò, kó wá bi ara ẹ̀ pé ta ló gbé ooru débí yìí.

Ẹ jẹ́ kó rántí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àwọn lébìrà lè tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ kí wọ́n máa na búlọ́ọ̀kù síra wọn, kálukú dúró sójú kan, búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń lọ: kọ́ńdọ́kṣọ̀n nìyẹn. Lébìrà kan sì lè gbé búlọ́ọ̀kù lérí kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ síbi tó fẹ́ jù ú sí, ìyẹn ni kọ́nfẹ́kṣọ̀n, torí ẹrù àti ẹni tó rù ú ló jọ lọ. Wọ́n sì tún lè ju búlọ́ọ̀kù láti ìsàlẹ̀ sí birikìlà tó wà lókè, kò sẹ́ni tó wà láàárín, ìyẹn ni rediéṣọ̀n.

Tó bá ti mọ ìyẹn, ẹ mú un lọ sídìí àdògán gangan. Ẹ gbé ìkòkò omi ka èédú tó ti pọ́n, kẹ́ ẹ fi ṣíbí irin sínú omi náà. Ẹ ní kó kọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èédú, kì í ṣe òkè o, ẹ̀gbẹ́, kó jìnnà díẹ̀. Ooru á bà á lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ wá ti páálí kan bọ àárín ọwọ́ ẹ̀ àti èédú, ojú ẹsẹ̀ ni ooru yẹn máa dáwọ́ dúró, ẹ yọ páálí kúrò, ojú ẹsẹ̀ náà ló máa padà. Afẹ́fẹ́ ò lè yára tó bẹ́ẹ̀, kódà afẹ́fẹ́ tútù ló ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé lọ bá iná, kì í ṣe gbígbóná ló ń jáde síbẹ̀. Ooru yẹn ń bọ̀ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí òjìji páálí fi tó láti dí i. Rediéṣọ̀n nìyẹn. Tó bá wá gbé ọwọ́ sókè iná (kó ṣọ́ra o), ooru tó máa kàn án níbẹ̀ máa ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, torí rediéṣọ̀n ṣì wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tún ń gòkè lọ bá ọwọ́ ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń ka ọwọ́ lókè iná sí kọ́nfẹ́kṣọ̀n nínú ìdánwò.

Nísìnyí ẹ wo ìdí ìkòkò. Ooru ní láti la irin ìdí ìkòkò kọjá kó tó kan omi, irin ò sì kúrò lójú ẹ̀, àwọn pátíkù tó wà nínú ẹ̀ kàn ń gbọ̀n, èyí tó ń gbọ̀n ń ti tẹ̀gbẹ́ ẹ̀, títí ó fi dé apá kejì. Kọ́ńdọ́kṣọ̀n. Omi tó fara kan irin yẹn nísàlẹ̀ gbóná, ó fẹ̀, ó fúyẹ́ ju omi tó wà lórí ẹ̀, ló bá gbéra ó ń lọ sókè pẹ̀lú ooru tó gbà, èyí tó tutù tó sì wúwo a sọ̀ kalẹ̀ wá gba ipò ẹ̀, tòun náà á gbóná, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa yí po. Kọ́nfẹ́kṣọ̀n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ọwọ́ ṣíbí tó yọ síta, tí omi ò kàn rárá, ti gbóná, a padà sí kọ́ńdọ́kṣọ̀n nìyẹn.

Nítorí náà tí wọ́n bá bèèrè pé báwo ni ooru ṣe la ìdí ìkòkò kọjá, ìdáhùn yàtọ̀ sí tí wọ́n bá bèèrè pé báwo ló ṣe tàn ká inú omi, bẹ́ẹ̀ ìkòkò kan náà ni o. Kó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó sọ ibẹ̀ nínú ìbéèrè kó tó kọ nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ọmọ mi kọ ọ́ pé irin tutù ju igi lọ, wọ́n fagi lé e. Mo fọwọ́ kan géètì àti àga onígi láàárọ̀, irin yẹn ló tutù jù lóòótọ́. Àbí tíṣà ló ṣì í?

Ìdáhùn: Tíṣà ò ṣì í. Tí irin àti igi bá ti jọ wà níbì kan náà láti alẹ́, tẹ́ ẹ bá fi tẹmómítà wò wọ́n, ìwọ̀n kan náà lẹ máa rí, ká sọ pé dígíríì 25. Ọwọ́ yín ló gbóná jù wọ́n lọ, awọ ara wa máa ń wà ní bíi dígíríì 33. Tẹ́ ẹ bá wá fọwọ́ kan irin, ooru ọwọ́ yín ló ń sá wọnú ẹ̀, irin á sì yára gbé e lọ jìnnà, kò ní jẹ́ kó dúró síbi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, ìyẹn ni ara yín fi ń sọ pé ó tutù. Igi gba díẹ̀, ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn á lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru náà ò rọ́nà lọ. Irin ń gbé ooru kọjá ju igi lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 200, ìyàtọ̀ yẹn lọwọ́ yín ń gbọ́.

Ẹ̀rí wà tó máa yé ọmọ. Ká ní irin àti igi jọ gbóná dé dígíríì 60, irin yẹn á jó ọwọ́, igi á ṣeé fọwọ́ kàn fúngbà díẹ̀. Irin tó "tutù" láàárọ̀ náà ló "gbóná" jù yìí, torí nísìnyí òun ló ń yára kó ooru wọ ọwọ́ yín. Ọmọrogùn ò sì ń jó ọwọ́ alámàlà nítorí ohun kan náà. Ohun tó yẹ kó kọ ni pé irin ń yára gba ooru kúrò lọ́wọ́ wa torí pé kọ́ńdọ́kítọ̀ tó dáa ni. Kó má kọ ọ́ láé pé òtútù wọ ọwọ́ wa láti ara irin, ooru ló ń rìn, láti ibi tó gbóná lọ sí ibi tó tutù.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo fi bọ́ílìn-rìǹ se omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, òkè ẹ̀ ń jó ọwọ́, ìsàlẹ̀ tutù nini. Ṣebí wọ́n ní kọ́nfẹ́kṣọ̀n máa ń jẹ́ kí gbogbo omi gbóná?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin gbé irin yẹn kọ́ sókè ni, àbí? Omi tó yí i ká gbóná, ó fúyẹ́, òkè ló sì wà tẹ́lẹ̀, kò ní ìdí kankan láti sọ̀ kalẹ̀. Tútù tó wúwo náà ti wà nísàlẹ̀ tó yẹ kó wà, kò sẹ́ni tó máa yí ipò padà fún ẹnìkejì. Ó wá ku kọ́ńdọ́kṣọ̀n nìkan láti mú ooru wá sísàlẹ̀, omi ò sì dáa nídìí ìyẹn rárá. Ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ dáadáa sísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan ara bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ lára iná kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ omi o, ẹ jọ̀ọ́. Nínú ìdánwò, ohun kan náà ni wọ́n ń bèèrè tí wọ́n bá ní kí ló dé tí fíríjì fi ń ní yìnyín lókè: afẹ́fẹ́ tó tutù lókè máa sọ̀ kalẹ̀, tó gbóná á gòkè lọ bá yìnyín.

Ìbéèrè: Yàrá wa ò ní síílìn, páànù lásán ni. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, orí wa máa ń gbóná bíi pé iná wà lókè. Ọmọ mi ní kọ́nfẹ́kṣọ̀n ni, mo ní kọ́ńdọ́kṣọ̀n ni. Ta ló gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ ò tíì gbà á, òun náà ò gbà á. Láti ọ̀dọ̀ òòrùn dé orí páànù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà ni, ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ ò sì ní afẹ́fẹ́ kankan, rediéṣọ̀n nìkan ló lè kọjá níbẹ̀, ó sì ń gbà á ní bíi ìṣẹ́jú 8. Láti òkè páànù dé abẹ́ ẹ̀, kọ́ńdọ́kṣọ̀n, torí irin ni, ibẹ̀ lẹ ti sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti abẹ́ páànù dé orí yín ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó gbóná lábẹ́ páànù ò ní sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín, òkè ló máa jókòó sí. Páànù gbígbóná yẹn fúnra ẹ̀ ló ń ta ooru sí yín lórí, rediéṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi páálí ṣe bíi agboòrùn lórí nínú yàrá yẹn, ẹ máa rí i pé ooru orí yẹn á rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nídìí èédú. Síílìn ń ṣe iṣẹ́ páálí yẹn, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òun àti páànù ò sì jẹ́ kí ooru tètè kọjá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé bí fúláàsì ṣe ń ṣiṣẹ́, máàkì 6. Tilé wa tiẹ̀ ti bàjẹ́, tíì tí mo bù sínú ẹ̀ láàárọ̀ á ti tutù kó tó di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ kò fọ́. Kí ló ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ bu omi gbígbóná sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ dé e, lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi 10 kẹ́ ẹ fọwọ́ gbá ara ẹ̀ lóde. Tí gbogbo ara ẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ ló ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Fúláàsì ní ògiri méjì, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn kúrò. Kò sí pátíkù níbẹ̀ tó máa na ooru sẹ́nìkejì, kò sí èyí tó máa gbé e rìn, kọ́ńdọ́kṣọ̀n àti kọ́nfẹ́kṣọ̀n ti kú síbẹ̀. Rediéṣọ̀n ò nílò nǹkan kan láàárín, ìyẹn ni wọ́n ṣe mú ojú ògiri yẹn dán bíi dígí, kó lè máa dá ooru padà sínú. Ìdérí ẹ̀ sì ni kì í jẹ́ kí ooru àti oruku omi gbòkè jáde, wọ́n ń fi kọ́ọ̀kì tàbí ike ṣe é torí àwọn yẹn kì í gbé ooru kọjá dáadáa. Tó bá kọ apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀nà tó dí, máàkì 6 ẹ̀ ti pé.

Tí òde tiyín bá tutù, tó jẹ́ ẹnu ẹ̀ nìkan ló gbóná, ìdérí lẹ máa pààrọ̀, kì í ṣe fúláàsì. Tó bá sì jẹ́ ara ẹ̀ ló gbóná, kò ṣeé tún ṣe nílé, ẹ lọ ra òmíràn.