Bí mo ṣe gbé fọ́tò ike òrí kan sínú àwòrán ìpolówó tí orúkọ ara rẹ̀ kò fi yí padà

N45,000 ni àbúrò mi obìnrin san fún ẹni tó ń bá a ṣe àwòrán ìpolówó kí ó tó pè mí, ìbínú owó yẹn ni ó sì gbé mi dé ìdí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Òrí ni ó ń tà. Agbègbè Ṣakí ni wọ́n ti ń kó o wá fún un. Òun a yọ́ ọ, a sẹ́ ẹ, a dà á sínú ike funfun onígiramu 250 tó ní ọmọrí aláwọ̀ igi, a sì lẹ bébà orúkọ ọjà náà mọ́ ọn. Ó ya fọ́tò ike kan lórí káádíbọ́ọ̀dù funfun, ó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni náà, ó ní kí ó bá òun gbé e sí ibi tó jọ ilé tí ènìyàn ń gbé, kí àwọn tó bá rí i lórí fóònù lè fojú inú wo ara wọn níbi tí wọ́n ti ń lò ó.

Àwòrán mẹ́ta ni ó rí gbà, wọ́n sì dára lójú títí tí ènìyàn yóò fi fẹ̀ wọ́n lórí fóònù. Orúkọ òrí náà ti di lẹ́tà tí kò ní ìtumọ̀. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà nísàlẹ̀ ike ti yí padà, méjì nínú rẹ̀ tilẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn tí kò sí ẹni tó lè kà á. Oníbàárà kan tó ti ń rà á tipẹ́ kọ̀wé sí i lórí WhatsApp pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé àwọn kan ti ń ṣe ayédèrú òrí yín?” Ìbéèrè yẹn ni ó dùn mí jù, nítorí nọ́ńbà yẹn gan-an ni ẹni tó bá fẹ́ mọ ojúlówó máa ń wò. Nígbà tí àbúrò mi sì lọ fi ẹjọ́ sun ẹni tó ṣe iṣẹ́, owó àtúnṣe ni ó tún béèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ó ju fọ́tò náà sínú ẹ̀rọ ayàwòrán tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, ó sì ní kí ẹ̀rọ náà yí ibi tí ike wà padà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tún gbogbo àwòrán yà láti ìbẹ̀rẹ̀, tọjà tọjà, kì í kàn ṣe pé ó gé ike láti ibì kan kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Ohun ńlá a máa jọ ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Nítorí náà, ìpinnu mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ náà yóò ya ibi tí ike yóò dúró sí fún mi, kò sì ní fọwọ́ kan ike náà rárá. Ike inú fọ́tò àbúrò mi gan-an ni yóò jókòó síbẹ̀.

N kò ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò lórí bí a ṣe ń gé ike kúrò lára káádíbọ́ọ̀dù funfun, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí áàpù àwòrán orí fóònù tí kò lè ṣe é lónìí. Kí ẹ ṣáà rí i pé PNG ni ẹ fi pa á mọ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà padà di funfun.

Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sí ẹ̀rọ, mo kọ́kọ́ ka fọ́tò náà dáadáa. Ohun méjì ni mo ń wá: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, àti ibi gíga tí kámẹ́rà wà nígbà tí wọ́n yà á. Ti ìmọ́lẹ̀ rọrùn. Etí ọmọrí ń dán ní ọwọ́ òsì, òjìji ike sì ṣú lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, tí ó fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àbúrò mi dúró. Bí ó bá jẹ́ pé iná fóònù ni ó fi yà á, ǹ bá ní kí ó tún un yà, nítorí iná yẹn máa ń pa òjìji rẹ́, kò sì sí yàrá kan tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ti ojú ẹni tó ń wò ó jáde wá.

Ọ̀rọ̀ ibi gíga kámẹ́rà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán mi ní sùúrù. Mo kọ ọ́ fún ẹ̀rọ pé mo fẹ́ àpótí onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì yà á dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ike lé e, ńṣe ni ike náà dà bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá gbé sí ipò ìjókòó àlejò. Kò wó, kò fò, síbẹ̀ ojú kò gbà á. Mo dín in kù, mo mú un tóbi, mo ṣe òjìji sí i nísàlẹ̀, kò yí padà. Mo ń bínú sí ọ̀gbẹ́ni tó gba owó, mo ń bínú sí ẹ̀rọ, mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àpótí.

Ìgbà tí mo mú rúlà ni ojú mi là. Ọmọrí ike róbótó ni, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò kì í hàn ní róbótó àfi bí kámẹ́rà bá wà ní òkè rẹ̀ tààrà. Bí kámẹ́rà bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni róbótó náà ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyin, títí tí yóò fi di ìlà kan ṣoṣo nígbà tí kámẹ́rà bá dọ́gba pẹ̀lú ọmọrí. Mo wọn ọmọrí náà lójú fóònù: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, gíga rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú sì jẹ́ 2. Ìdá kan nínú mẹ́ta nìyẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kámẹ́rà wo ike náà láti òkè díẹ̀, ní nǹkan bíi dìgírì 20. Bí gíga bá jẹ́ ìdajì fífẹ̀, dìgírì 30 ni. Bí ó bá sì tó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá, dìgírì 45 ni. Àpótí tí ẹ̀rọ ń yà fún mi, láti òkè gan-an ni ó ti ń wò ó, tí orí àpótí fi hàn gbalasa. Ike kan kò lè jókòó sórí rẹ̀ láé, ìbáà jẹ́ áńgẹ́lì ni ó gbé e síbẹ̀.

Mo rò pé ìṣòro ti tán, mo wá kọ dìgírì 20 sí i. Ẹ̀rọ kò kà á sí. Irú ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé nọ́ńbà igun, ohun tó ń hàn sí ojú ni wọ́n ń tẹ̀lé. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n tí mo fi ń yangàn títí di òní ti wá sí mi lọ́kàn: mo ní kí ẹ̀rọ ya ike òfìfo kan, funfun, tó ní ọmọrí aláwọ̀ igi, sórí àpótí náà. Ike yẹn kò ní orúkọ lára, kò sì ní sí nínú iṣẹ́ nígbà tí ó bá parí, adelé ni. Mo lè fi rúlà wọn ọmọrí rẹ̀ bí mo ṣe wọn ti gidi. Bí ó bá ti sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, mo mú àwòrán náà. Bí kò bá sún mọ́ ọn, mo da á nù láìro ẹ̀ẹ̀mejì, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó. Àǹfààní kejì ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò ti ya òjìji sí abẹ́ adelé náà, yóò sì ti fi hàn mí bí ike ṣe yẹ kó tóbi tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìnura àti òòyà.

Ọ̀rọ̀ tí mo wá fi ṣe iṣẹ́ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, nítorí òun ni ẹ̀rọ tí mo lò gbọ́ yékéyéké:

```
A blank white plastic jar with a brown screw lid stands
on a worn wooden stool beside a louvre window.
A folded blue towel and a wooden comb lie behind it.
Soft morning light from the left, short shadow to the right.
Camera slightly above the jar; the top of the lid
shows as a thin oval. Bare cream wall in the upper third.
Vertical, 4:5.
```

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó wà fún ẹwà lásán. Ìmọ́lẹ̀ ọwọ́ òsì àti òjìji ọwọ́ ọ̀tún, láti inú fọ́tò ni mo ti kà wọ́n. Dípò dìgírì, mo sọ bí orí ọmọrí yóò ṣe rí, pé kó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyin. Ògiri òfìfo tó wà lókè ni a ó kọ iye owó sí. 4:5 sì ni ìwọ̀n àwòrán òòró tí Instagram ń gbà, ìyẹn 1080 sí 1350.

Àpótí àti aṣọ ìnura ni mo ṣe ìjà sí jù. Bí a bá kàn sọ fún ẹ̀rọ pé ìpara ni a fẹ́ polówó, òkúta mábù funfun ni yóò gbé wá, pẹ̀lú àbẹ́là àti ewé ilẹ̀ òkèèrè tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ní Ìbàdàn. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé kó má fi òdòdó sí i, òdòdó sì pọ̀ sí i ni. Ó jọ pé bí a bá ti dárúkọ nǹkan, ẹ̀rọ yóò yà á, ì báà jẹ́ pé a ní kó má yà á. Láti ìgbà náà, ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nìkan ni mo ń kọ, àyè kò sì sí fún òdòdó mọ́. Òrí ni ohun tí à ń fi para lẹ́yìn ìwẹ̀ nígbà ọyẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi yan òwúrọ̀, aṣọ ìnura àti òòyà. Ẹni tó ń lò ó yóò mọ ibi tí ó wà láìjẹ́ pé a ṣàlàyé fún un.

Gbígbé ike gidi bo adelé kò gba àkókò. Mo mú kí ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì bára mu ṣáájú, lẹ́yìn náà ni mo mú etí ọmọrí bára mu, mo sì jẹ́ kí ike gidi tóbi díẹ̀ jù ú lọ kí etí adelé má baà yọ. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ inú yàrá pupa díẹ̀ ju ti fọ́tò lọ, nítorí náà mo fi ìwọ̀nba àwọ̀ gbígbóná kún ike náà, kò sì tó kí àwọ̀ bébà orúkọ yí padà. Lẹ́yìn èyí, mo fẹ̀ ẹ́ títí dé òpin, mo sì ka nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú ike gidi lọ́wọ́ mi, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó pé.

Nígbà tí àbúrò mi rí i, ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣé ẹ wá sílé wá yà á ni?” Inú mi dùn, n kò sì fi pamọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì dárí ji ẹni tó gba N45,000.

Ó wá fẹ́ kí n fi ọ̀nà kan náà ṣe èyí tí wọ́n ti ṣí ọmọrí, kí òrí inú rẹ̀ hàn. Mo kọ̀. Òrí tí ẹ̀rọ ń yà máa ń funfun gbòò, ó sì máa ń dán bí ìpara inú ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ òrí tirẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní hóró wẹ́wẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá mú un. Àwọ̀ yẹn ni oníbàárà fi ń mọ ohun tó ń rà. Mo ní kí ó ṣí ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, kí ó fi ṣíbí bu díẹ̀, kí ó sì yà á bí ó ṣe rí.