Àyè Tán Lórí Fóònù 32 GB: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, fóònù Android 32 GB ni mo sì fi ń ya àwòrán aṣọ. Ó ń kọ ọ́ pé àyè ti tán, kámẹ́rà kò sì yàwòrán mọ́. Mo tẹ Clear cache lára gbogbo áàpù, àyè yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún kún. Ohun tí mo rí nínú Storage ni pé System gba 12 GB, Apps 7, Videos 6, Images 5, àwọn yòókù 1.6, ó wá ku 0.4. Kí ló ń jẹ àyè náà?

Ìdáhùn: Káàṣì ni àwọn fáìlì tí áàpù fi pamọ́ sórí fóònù kí ó má baà tún máa lọ kó ohun kan náà wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, bí àpẹẹrẹ àwòrán ara ojú-ìwé tí ẹ ti kà tàbí fídíò kéékèèké tí ẹ ti wò kọjá. Bí ẹ bá pa wọ́n rẹ́ lónìí, áàpù náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ bí ẹ bá ti ṣí i, dátà yín ni yóò sì fi kó wọn. Ìdí nìyí tí àyè náà fi tún kún. Pípa káàṣì rẹ́ wúlò nígbà tí ẹ bá nílò àyè lójú ẹsẹ̀, bóyá kí kámẹ́rà lè yà tàbí kí áàpù kan lè gba àtúnṣe tuntun, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ju ìyẹn lọ.

Ẹ wo iye tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn dáadáa. A kò lè fọwọ́ kan 12 GB ti System, nítorí pé Android fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Inú 7 GB ti Apps ni gbogbo káàṣì wà, kò sì dájú pé gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó 1 GB lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀. Fídíò àti àwòrán nìkan sì jẹ́ 11 GB. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Áàpù kan wà tí mo máa ń yọ sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ káàṣì, Telegram ni. Bí ẹ bá wà nínú àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń pín fíìmù, káàṣì rẹ̀ lè wúwo ju ti gbogbo áàpù yòókù lọ. Inú Telegram fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti pa á rẹ́: ẹ wọ Settings, Data and Storage, lẹ́yìn náà Storage Usage. Àwọn fáìlì náà ṣì wà lọ́dọ̀ Telegram lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè tún wọn gbà nígbà tí ẹ bá fẹ́. Ojú kan náà ni ẹ ti lè ní kí ó máa pa ohun tí ó bá ti pẹ́ rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Lábẹ́ Clear cache ni mo rí Clear storage. Ṣé kí n tẹ ìyẹn náà? WhatsApp gba àyè púpọ̀ níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lára WhatsApp. Clear storage, tí àwọn fóònù mìíràn ń pè ní Clear data, kò mọ sórí fáìlì onígbà díẹ̀: ó ń dá áàpù náà padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi sórí fóònù. WhatsApp yóò ní kí ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọlé, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ sì bá àwọn oníbàárà sọ lẹ́yìn ẹ̀dà ìpamọ́ tó kẹ́yìn ti lọ nìyẹn. Áàpù báńkì pẹ̀lú yóò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a lè lo Clear storage fún ni áàpù tí kò ní ohunkóhun tiyín nínú, tàbí èyí tó bàjẹ́ tí kò sì ṣí mọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa wá dín ti WhatsApp kù? Mo ti ń pa fídíò rẹ́ nínú Gallery, síbẹ̀ iye yẹn kò yí padà.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ pa rẹ́ ṣì wà lórí fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, Gallery kì í pa nǹkan rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló ń gbé e lọ sínú Trash tàbí Recycle bin, yóò sì wà níbẹ̀ fún 30 ọjọ́, tí yóò máa gba àyè bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ibẹ̀ lọ, kí ẹ sọ ọ́ di òfìfo, lẹ́yìn náà kí ẹ tún Storage wò.

Ní ti WhatsApp, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é: Settings, Storage and data, Manage storage. Yóò kó àwọn fáìlì tó ju 5 MB lọ jọ sí ibì kan, yóò sì kó àwọn tí wọ́n ti tàtaré léraléra jọ sí ibòmíràn. Nísàlẹ̀ ni àwọn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yín yóò ti tò láti orí èyí tó wúwo jù. Ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ àti ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí ló sábà máa ń wà lókè. Ẹ wo fídíò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pa á rẹ́, nítorí pé èyí tó bá ti pẹ́ kò ṣeé gbà padà àfi kí ẹni tó fi í ránṣẹ́ tún fi ránṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó kan aránṣọ gan-an. Fídíò aṣọ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí oníbàárà wà lórí fóònù yín lẹ́ẹ̀mejì: ojúlówó rẹ̀ wà nínú kámẹ́rà, ẹ̀dà tí WhatsApp ti fún kéré sì wà nínú fódà Sent. Ẹ̀dà ti WhatsApp yẹn ni kí ẹ pa rẹ́, kí ẹ mú ojúlówó dání.

Kí ó má baà tún kún, ẹ padà sí Storage and data, kí ẹ wá Media auto-download, kí ẹ sì yọ àmì kúrò lára fídíò, ìbáà jẹ́ lórí dátà tàbí lórí Wáìfáì. Àwọn kan máa ń pa Media visibility, wọ́n rò pé yóò fún àwọn láyè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó kàn ń mú kí àwòrán náà má hàn nínú Gallery ni, fáìlì rẹ̀ ṣì jókòó síbi tó wà.

Ìbéèrè: Mo ti tan Backup nínú Google Photos. Ṣé mo lè wá pa àwọn àwòrán aṣọ rẹ́ lórí fóònù báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ lè mú wọn kúrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa kí ẹ máa fi ọwọ́ pa wọ́n rẹ́. Àṣìṣe tó ń dun àwọn ènìyàn jù nìyí: bí ẹ bá yan àwòrán nínú Google Photos tí ẹ sì pa á rẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe, yóò kúrò lórí fóònù, yóò sì kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Yóò wà nínú Trash fún 60 ọjọ́ bí ó bá ti ní ẹ̀dà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn èyí kò sí mọ́ níbikíbi. Ohun tí ó ń yọ ẹ̀dà orí fóònù nìkan ni Free up space, tí ẹ óò rí bí ẹ bá tẹ àwòrán ojú yín ní igun òkè. Àwọn tí ìpamọ́ wọn ti parí nìkan ni yóò fọwọ́ kàn.

Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Níbi tí ẹ ti rí i náà, ẹ wò ó bóyá ó kọ Backup complete, àbí ó ṣì ń ka iye tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ yá fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fi ímeèlì yín wọ photos.google.com, kí ẹ sì ṣí àwòrán àtijọ́ kan, àwòrán àná kan àti fídíò kan. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣí, ọkàn yín lè balẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé fódà kámẹ́rà nìkan ni ó sábà máa ń kó. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán ọ̀nà aṣọ tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àfi kí ẹ fúnra yín tan fódà WhatsApp Images nínú Back up device folders.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ lórí fóònù yín. Ká ní nínú 11 GB yẹn, ẹ rí 3.5 GB pa rẹ́ nínú WhatsApp, tí ohun tí kámẹ́rà yín yà sì jẹ́ 4.2 GB. Gbígbé 4.2 GB yẹn lọ yóò jẹ dátà tó tó bẹ́ẹ̀ náà bí ẹ bá yan Original quality, nítorí náà ẹ fi sí Wáìfáì, tàbí kí ẹ dúró de dátà òru. Dátà tí Storage saver yóò jẹ kéré sí ìyẹn, nítorí ó ń fún àwòrán, ó sì ń rọ fídíò tó bá ju 1080p lọ sílẹ̀. Fún àwòrán aṣọ tí ẹ óò fi han oníbàárà lórí fóònù, kò sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tẹ Free up space, ojúlówó náà kò ní padà wá mọ́, nítorí náà ẹni tó bá ń tẹ pátákó ìpolówó ńlá kò gbọdọ̀ yan Storage saver.

15 GB ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, àpapọ̀ ímeèlì, Google Drive àti àwòrán ni ó sì wà fún. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni àwòrán Storage saver pẹ̀lú ti ń wọ inú ìṣirò yìí, ẹ̀dà ìpamọ́ WhatsApp náà sì ti wọ̀ ọ́. Ìdí tí mo fi ní kí a kọ́kọ́ tún WhatsApp ṣe nìyí, kí fídíò àwàdà má baà gba ibi tí àwòrán iṣẹ́ yín yẹ kí ó wà. Ẹ yọ àmì kúrò lára Include videos nínú Chat backup.

Ìbéèrè: Áàpù wá ńkọ́? Ó pọ̀ lórí fóònù mi, àwọn mìíràn kò sì gbà kí n yọ wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán ojú yín, kí ẹ wọ Manage apps & device, lẹ́yìn náà Manage. Ẹ tò wọ́n ní Least used, àwọn tí ẹ kò fọwọ́ kàn fún oṣù púpọ̀ yóò sì hàn lókè. Ẹ ṣọ́ra fún áàpù tí ẹ kì í sábà ṣí ṣùgbọ́n tí ẹ nílò: ti báńkì kejì, tàbí èyí tó ń fún yín ní nọ́ńbà ìwọlé bíi Google Authenticator.

Àwọn tó bá fóònù wá kò gba Uninstall, àfi Disable. Apá ibi tí Android wà ni ojúlówó wọn wà, nítorí náà pípa wọ́n kò dá àyè ibẹ̀ padà fún yín. Àtúnṣe tí wọ́n ti gbà láti ìgbà tí ẹ ra fóònù ni yóò kúrò, pẹ̀lú káàṣì àti dátà wọn, èyí sì lè tó ọ̀ọ́dúnrún MB lára ẹyọ kan. Lórí àwọn fóònù tuntun kan, ẹ óò rí Archive: ó ń yọ áàpù náà ṣùgbọ́n ó ń fi ohun tiyín tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá áàpù tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mu.

Bí ẹ bá rí 1.3 GB níbí, pẹ̀lú 3.5 ti WhatsApp, 4.2 ti kámẹ́rà àti 0.4 tó wà nílẹ̀, 9.4 GB ni yóò ṣófo. Ẹ má tẹ Free up space kí Backup tó parí, kódà bí kámẹ́rà bá ń kọ iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ pa káàṣì rẹ́ kí ẹ fi ya ti oníbàárà tó wà níwájú yín.