Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lè rí owó tó ń ná lórí AWS

Bí ẹgbẹ́ méjì bá jọ ń lo àkáǹtì AWS kan, owó kan ṣoṣo ni bíìlì máa ń kọ lápapọ̀. Táàgì la fi ń mọ ẹni tó ná èwo. Ṣùgbọ́n táàgì tí ẹ lẹ̀ mọ́ sáfà kì í dédé wọ inú ìṣirò owó: ẹ ní láti lọ tan án níbẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fo èyí lè máa wo ìnáwó òdo fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìmọ ìdí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ ìsanwó àti ẹgbẹ́ ìwákiri la ń pín owó fún.

1. Ẹ fẹnu kò lórí orúkọ táàgì. Orúkọ kan ṣoṣo ti tó láti bẹ̀rẹ̀: `team`. AWS kò ka `team` àti `Team` sí ọ̀kan náà. Ẹ má fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú, torí bí ẹnì kan bá tẹ àmì tí ẹlòmíì kò tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ́ kan yóò di méjì nínú ìṣirò. Nítorí náà, `isanwo` àti `iwakiri` ni ká lò.

2. Ẹ lẹ táàgì mọ́ sáfà àti dísìkì rẹ̀.

```
aws ec2 create-tags \
  --resources i-0abc123def4567890 vol-0abc123def4567890 \
  --tags Key=team,Value=isanwo
```

Ẹ wo bí a ṣe dárúkọ dísìkì náà (`vol-`) lọ́tọ̀. Táàgì sáfà kì í fúnra rẹ̀ ṣàn dé ara dísìkì, bẹ́ẹ̀ sì ni dísìkì ń jẹ owó tirẹ̀ kódà nígbà tí ẹ bá ti pa sáfà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń dá sáfà yín sílẹ̀, ẹ kọ táàgì náà sínú `TagSpecifications` launch template yín, fún `instance` àti fún `volume`. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo dísìkì tuntun ni yóò máa wá láìní táàgì.

3. Ẹ tan táàgì náà nínú ìṣirò owó. Ẹ lọ sí Billing and Cost Management, ẹ ṣí Cost allocation tags, ẹ mú `team`, kí ẹ sì tẹ Activate. Bí àkáǹtì yín bá wà lábẹ́ àjọ, àkáǹtì àgbà nìkan ló lè ṣe é. Ó lè gba wákàtí 24 kí orúkọ náà tó yọ síbẹ̀, kó sì tún gba 24 míì kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀ dúró dè é kí ẹ tó lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

4. Ẹ dá bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nínú Budgets, ẹ yan Cost budget àti Monthly, kí ẹ kọ 600 dọ́là fún ìsanwó. Lábẹ́ Budget scope, ẹ fi àlẹ̀mọ́ Tag sí i: `team`, lẹ́yìn náà `isanwo`. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún ìwákiri.

Ìkìlọ̀ méjì tó dára nìyí. Èkíní ni Actual ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nígbà tí ìnáwó gan-an bá kọjá 480 dọ́là. Èkejì ni Forecasted ní ìdá 100, ìyẹn nígbà tí AWS bá fojú bù ú pé oṣù náà yóò kọjá 600. Èkejì yìí nílò ìtàn ìnáwó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó lè sọ̀rọ̀, nítorí náà kò ní wúlò fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ímeèlì 10 ni ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ fi ti àwọn tó lè pa sáfà síbẹ̀, kì í ṣe ti àwọn olùṣírò owó nìkan.

Ìkìlọ̀ kì í dá ìnáwó dúró. Ìṣirò náà sì máa ń pẹ́: wákàtí 8 sí 12 ló máa ń wà láàárín àtúnṣe kan àti èkejì. Sáfà tó ń jẹ dọ́là 10 ní wákàtí kan lè ti jẹ 100 dọ́là kí ímeèlì tó dé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi dúró de ìdá 100.

5. Ẹ wá owó tí kò ní olówó. Nínú Cost Explorer, ẹ fi Tag `team` pín oṣù náà. Ká ní bíìlì jẹ́ 1,400 dọ́là: ìsanwó ná 520, ìwákiri ná 610, 270 sì wà lábẹ́ "No tag key: team". Ẹ fi àlẹ̀mọ́ mú 270 yìí nìkan, kí ẹ sì fi Usage type pín in. Bí ẹ bá rí `EBS:VolumeUsage` tàbí `EBS:SnapshotUsage`, dísìkì àti ẹ̀dà rẹ̀ tí a gbàgbé nìyẹn. Ẹ wá olówó wọn, kí ẹ lẹ táàgì mọ́ wọn. Ká ní 200 lèyí. 70 tó kù lè jẹ́ owó orí àti owó ìrànlọ́wọ́ AWS, tí kò sí bí a ṣe lè lẹ táàgì mọ́ wọn. Ẹ pín irú èyí gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìnáwó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì ti mọ̀ ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe é.