Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Àmì Dúdú Àtẹ́lẹsẹ̀, Kí Jẹjẹrẹ Má Baà Sá Pamọ́ Sínú Rẹ̀

Lára àwa adúláwọ̀, jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní mẹlanómà kì í sábà yọ síbi tí oòrùn ń pa. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa ń yọ sí jù, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, kì í yúnni, ìdí nìyẹn tó fi lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Bí wọ́n bá sì wá rí i, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó yà á ní fọ́tò, a ó fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni yẹn á wò ó, á ní, “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ fi ọkàn balẹ̀.” Kò purọ́ o. Fọ́tò ló purọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí irọ́ yẹn ṣe ń wáyé, torí gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù dá lé e. Àtẹ́lẹsẹ̀ wa mọ́lẹ̀ gan-an ju òkè ẹsẹ̀ lọ. Kámẹ́rà fóònù kì í mọ èyí tí a fẹ́ wò. Gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wọ̀n pọ̀. Bí kókósẹ̀ àti ojúgun tó dúdú bá gba àyè púpọ̀ nínú fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì funfun. Bẹ́ẹ̀, àmì mẹlanómà kì í dúdú bákan náà láti àárín dé etí. Àárín lè dúdú bí èédú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ a máa rí bíi tíì tí a bu omi là. Etí tó ṣá yẹn ni ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ mọ́ inú fọ́tò, tí a ó fi rí àmì kékeré róbótó kan lásán. Etí ọ̀hún gan-an sì ni ibi tí àìsàn náà ti ń fẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ibẹ̀ dáadáa

Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi ọṣẹ àti kànìnkàn fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi òróró tàbí ìpara kankan pa á, torí ohun tó bá ń dán á tan ìmọ́lẹ̀ padà sí kámẹ́rà. Ẹ ya àárín àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ síra wọn, kí ẹ wò ó níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ lè gbé dígí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ló dáa kó wò ó.

Ní Òṣogbo níbí, ohun méjì ló ń dà wá láàmú jù. Àkọ́kọ́ ni làálì. Bí wọ́n bá ti lé làálì sí àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí fọ́tò tó lè sọ òótọ́ títí yóò fi ṣí, nítorí náà kí ẹ tó lé òmíràn ni kí ẹ wo ẹsẹ̀. Èkejì ni aró, lára àwọn tó ń ṣe àdìrẹ. Aró máa ń wọ inú gbogbo ìlà ọwọ́, ó sì máa ń hàn ní ọwọ́ méjèèjì. Bí iṣẹ́ bá ti dúró díẹ̀, ó ń ṣá nìyẹn, torí òkè awọ ló wà, awọ sì ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Àmì tó bá dúró sójú kan ṣoṣo, tí kò ṣá rárá nígbà tí gbogbo aró tó yí i ká ti lọ, kì í ṣe aró.

Ìmọ́lẹ̀ àti ibi tí ẹ ó jókòó sí

Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ní abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó ṣùgbọ́n tí oòrùn kò bọ́ sí ẹsẹ̀. Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ pa ohun tó ń mú ojú dán nínú kámẹ́rà, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa àbàwọ́n rẹ́. Ẹ tẹ́ aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo tí kò funfun tí kò sì dán sábẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi sòkòtò tàbí ìró bo ojúgun kó má baà wọ inú fọ́tò.

Fọ́tò mẹ́rin ni kí ẹ yà

Àkọ́kọ́ kó gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀, kí dókítà lè mọ ibi tí àmì wà. Èkejì ni ẹ ó yà láti nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì sí i, pẹ̀lú rúlà tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì, kì í ṣe lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ fóònù kò ní lè rí i kedere. Ẹ fi ìka tẹ ojú àmì náà lórí fóònù. Àwòrán oòrùn kékeré kan máa ń yọ. Ẹ fà á sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìlà wẹ́wẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yóò fi hàn ketekete. Bí ẹ kò bá lè rí ìlà awọ nínú fọ́tò, fọ́tò náà kò wúlò, ẹ tún un yà. Ẹ̀kẹta ni ẹ ó yà láti ẹ̀gbẹ́, kó lè hàn bóyá ó wú sókè. Ẹ̀kẹrin ni ti ẹsẹ̀ kejì, torí ohun tó bá wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì bákan náà sábà máa ń jẹ́ bí Ọlọ́run ṣe dá wa.

Nígbà tí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ẹ yan `Document` dípò fọ́tò, kí Wasáàpù má baà fún fọ́tò náà pọ̀ tí yóò fi di bàìbàì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yà á, ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i, àti bóyá ó ti ṣẹ̀jẹ̀ rí.

Ohun tí dókítà ń wá nínú ìlà awọ

Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín dáadáa, ẹ ó rí i pé ó rí bí oko tí wọ́n kọ ebè sí: ebè tó ga díẹ̀, poro láàárín. Àmì tí kò léwu sábà máa ń to àwọ̀ rẹ̀ sínú poro. Mẹlanómà a máa to tirẹ̀ sórí ebè, níbi tí ihò òógùn wà. Awò kékeré kan wà tí dókítà awọ ara ń gbé lé ojú àmì láti fi wo èyí. Fọ́tò fóònù lásán kì í sábà rí i, torí náà kò sí ẹni tó lè fi fọ́tò nìkan sọ pé jẹjẹrẹ kò sí. Iṣẹ́ fọ́tò yín ni kó jẹ́ kí wọ́n tètè pè yín wá, kó sì jẹ́ ẹ̀rí bí àmì bá ń fẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní tó-tò-tó dúdú wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọn ò yí padà. Ìyẹn kò yẹ kó kó ìpayà báni. Àmọ́ bí àmì kan bá jẹ́ tuntun lára àgbàlagbà, tí ó ti ju mílímítà 7 lọ, tí etí rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, tàbí tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró wò ó. Bákan náà ni egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá lé ní oṣù méjì tí kò jinná. Kì í ṣe gbogbo mẹlanómà ló máa ń dúdú. Òmíràn pupa bí ẹran tútù, òun ni wọ́n sì máa ń pè ní egbò àtọ̀gbẹ tàbí ẹran tó hù lásán.

Ti èékánná yàtọ̀ díẹ̀. Ìlà dúdú lórí èékánná púpọ̀ wọ́pọ̀ lára adúláwọ̀. Ìlà orí èékánná kan ṣoṣo tó ń fẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàn sórí awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná, ni kí ẹ sá tọ dókítà fún. Ó wà lára Bob Marley ní 1977, lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀, wọ́n sì ti kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀lù ló ṣe é léṣe. Ó kú ní 1981, lẹ́ni ọdún 36.

Bí ó ṣe ń lọ láti fọ́tò dé láàbù

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ mú yìí, láti ara oríṣìíríṣìí aláìsàn ni mo ti kó o jọ. Ìyá aláró kan, tó lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, rí àmì ní gìgísẹ̀ ọ̀tún. Ó rò pé ẹ̀gún ló gún òun. Ó fi bíléèdì ha á, ó sì lẹ oògùn tó ń jẹ awọ mọ́ ọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yà á ní alẹ́ pẹ̀lú fíláàṣì, gbogbo ohun tó hàn sì ni àmì dúdú kan tó tó orí ìṣó. Wọ́n ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn tó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, ọmọ náà ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n tún un yà lẹ́bàá fèrèsé.” Fọ́tò kejì yàtọ̀ pátápátá. Àmì ọ̀hún fẹ̀ tó mílímítà 12, apá kan dúdú, apá kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, etí kan sì nà jáde bí ìka. Ẹni tó rí i ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, irú èyí tó wà ní Òṣogbo níbí, kíníìkì awọ ara ni kí ẹ bèèrè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi awò wo ẹsẹ̀ màmá, àwọ̀ náà sì wà lórí ebè. Wọ́n pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n gé gbogbo àmì náà jáde pẹ̀lú etí tín-ín-rín, wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni jó irú àmì bẹ́ẹ̀ dànù tàbí kó gé e sọnù láì fi í ránṣẹ́ sí láàbù. Ẹran yẹn nìkan ló lè sọ ohun tó jẹ́, oògùn tó ń jẹ awọ àti bíléèdì sì máa ń ba ojú rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ wò ó.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé láàbù ni bí ó ti jìn tó, tí wọ́n ń fi mílímítà kọ. Ti màmá jẹ́ 0.8. Èyí tí kò bá ju mílímítà 1 lọ ṣeé wò ju èyí tó ti kọjá 4 lọ jìnnà jìnnà. Wọ́n tún gé sẹ̀ǹtímítà 1 awọ tó dára yí ojú ibẹ̀ ká. Bí ó bá ti jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, wọn ì bá gé jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ì bá sì yẹ kókó ibi tí itan ti pàdé ara wò pẹ̀lú.

Ní báyìí, ọmọ rẹ̀ ló ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì fún un lóṣooṣù. Ó ń fi ọwọ́ tẹ ibi ìpàdé itan bóyá kókó wà níbẹ̀, ó sì ń ya fọ́tò tuntun lẹ́bàá fèrèsé kan náà, pẹ̀lú rúlà kan náà, tí wọ́n ń gbé lọ fún dókítà ní ọjọ́ ìpadàwá.