Bí mo ṣe sọ ìlànà búrẹ́dì àgbọn inú ìwé Màmá di èyí tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé

Ìlànà búrẹ́dì àgbọn ìyá ọkọ mi kò gbà ju ìlà mélòó kan lọ nínú ìwé àjákọ rẹ̀. Bí ó ṣe kọ ọ́ nìyí, mi ò yí nǹkan kan padà níbẹ̀:

"Fúláwà ife 8. Ṣúgà ife 1. Yíìsì síbí 1, iyọ̀ síbí 1, nọ́tímẹ́ẹ̀gì síbí 1. Bọ́tà síbí 4. Àgbọn, rin ín, yọ ife 2, fi omi gbígbóná fún ìyókù, omi rẹ̀ ife 3 tàbí kó lé díẹ̀. Pò ó, jẹ́ kó wú, gé e, jẹ́ kó wú, yan án."

Ìlànà yìí ni Màmá fi ń yan búrẹ́dì tà ní Àgbádárìgì láti ìgbà tí ọkọ mi ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì yẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Ìkòròdú, fi ìlànà kan náà yan tirẹ̀, ńṣe ni fúláwà náà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àtẹ̀, búrẹ́dì sì tẹ́ pẹrẹsẹ sínú páànù. Ife ìwọ̀n tuntun ló rà fún iṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n kọ mílílítà sí lára. Ó wọn gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì kà á pé mẹ́jọ ni fúláwà, mẹ́ta ni omi àgbọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu láti jókòó ti Màmá, kí n sì tún ìlànà náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo da ìwé náà kọ bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí n tó gbìyànjú àtitúmọ̀ ohunkóhun. Tí ẹ bá ń da ìwé kọ tí ẹ tún ń tún un ṣe nígbà kan náà, ẹ ò ní mọ ohun tí oníwèé kọ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀yin fi kún un mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìwọ̀n.

"Màmá, ife wo lẹ máa ń lò?"

Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, wọ́n mú agolo mílíìkì kan jáde tí wọ́n ti gé orí rẹ̀, tí etí rẹ̀ ti dán. "Òun rèé, ìyàwó mi. Kò sí òmíràn."

Mo gbé agolo náà sórí sìkéèlì, mo dá a padà sí òdo, mo wá bu omi kún un dé etí. 170 gíráàmù ló fi hàn. Gíráàmù omi kan jẹ́ mílílítà kan, nítorí náà agolo Màmá ń gba mílílítà 170. Ife tí àbúrò ọkọ mi rà ń gba 240. Kò sí ife, agolo tàbí kọ́ńgò tí ẹ kò lè fi omi mọ bó ṣe tóbi tó lọ́nà yìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí agolo ṣe tóbi tó nìkan ló wà níbẹ̀, ọwọ́ tó ń bu nǹkan sínú rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò fi ọwọ́ ara mi bu fúláwà. Mo ní kí Màmá bu ú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, mo sì gbé abọ́ kan sórí sìkéèlì fún wọn. Wọ́n ti agolo bọ inú àpò, wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú òkìtì lórí, wọn ò fi ọwọ́ gé e. Mo ní kí wọ́n bu ú léraléra, gbogbo rẹ̀ sì ń rìn yí ká gíráàmù 125. Ife mẹ́jọ á jẹ́ kílò kan géérégé. Ìgbà tó kan ṣúgà, wọ́n fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú etí, ó jẹ́ 145. Kò sí ibi kankan nínú ìwé tí wọ́n ti kọ ọ́ pé fúláwà a máa ní òkìtì, pé ṣúgà kì í ní.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú. Ife mílílítà 240 tí a bu fúláwà sí, tí a gé orí rẹ̀, máa ń wọn bíi gíráàmù 125. Ìyẹn ni pé fúláwà tirẹ̀ àti ti Màmá bára mu, kílò kan ni méjèèjì. Omi ni kò bára mu, torí pé omi kò lè ní òkìtì. Ife mẹ́ta Màmá jẹ́ mílílítà 510, ife mẹ́ta tirẹ̀ jẹ́ 720. Fún kílò fúláwà kan, 510 á fún yín ní fúláwà pípò tó le dáadáa, tó ṣeé mọ. 720 á di nǹkan rírọ̀ tí ọwọ́ lásán kò lè mú. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ìlànà tí fúláwà rẹ̀ tọ́ ṣùgbọ́n tí omi rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ lọ wádìí bóyá ẹni tó kọ ọ́ ń bu òkìtì sórí ife rẹ̀.

Síbí ló tún gba àkókò. Síbí 1 ni Màmá kọ fún yíìsì, fún iyọ̀ àti fún nọ́tímẹ́ẹ̀gì. Tí a bá fi síbí tíì wọn iyọ̀, nǹkan bíi gíráàmù 6 ni. Tí gíráàmù 6 bá wọ inú kílò fúláwà, búrẹ́dì náà á tẹ́ lẹ́nu. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì sábà máa ń fi iyọ̀ gíráàmù 15 sí 20 sí kílò kan. Èyí jẹ́ kí n fura pé síbí ìjẹun ni Màmá ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n fi síbí wọn bù ú, gíráàmù 16 ni, yíìsì sì jẹ́ 9, tó bá kílò fúláwà kan mu. Ṣùgbọ́n síbí ìjẹun nọ́tímẹ́ẹ̀gì kan á korò. Mo béèrè, wọ́n sì fi síbí kékeré tí wọ́n fi ń ro tíì hàn mí. "Èyí tó ń ta sánsán, kékeré là ń fi bù ú," ni wọ́n sọ. Bí mo ṣe ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò nìyẹn: mo fi fúláwà ṣe ìpìlẹ̀, mo wo ìwọ̀n èyí tó kù sí i, èyí tí kò bá ṣeé gbà gbọ́, mo bi oníwèé kí n tó kọ ọ́. Bọ́tà, òkìtì ni wọ́n ń bù ú, síbí mẹ́rin jẹ́ gíráàmù 90.

Àgbọn ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé, àmọ́ ohun èlò méjì ló wà nínú ìlà yẹn: èyí tí a rin tí a ó pò mọ́ fúláwà, àti omi tí a ó fún jáde lára ìyókù. Màmá máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ èyí tí wọ́n rin mọ́ inú agolo. Nítorí náà ife méjì wọn 160, bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ ni, ìwọ̀nba 115 ni ì bá jẹ́. Ẹ rántí pé omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fún ìyókù. Ìwé kò sọ pé ká jẹ́ kó tutù, torí pé Màmá mọ̀ ọ́n lára, wọ́n á ti lọ wọn fúláwà kí omi náà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á da omi gbígbóná lé yíìsì, yíìsì á kú, búrẹ́dì kò sì ní wú. Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Bí mo ṣe to àwọn ohun èlò nìyí, ní títẹ̀lé bí ọwọ́ ṣe máa kàn wọ́n:

- Àgbọn ńlá 2, tí a rin: gíráàmù 160 ni a ó yà sọ́tọ̀, ìyókù la ó fún
- Omi àgbọn tí a fún: mílílítà 510, kí mílílítà 85 wà nílẹ̀ dè é
- Fúláwà búrẹ́dì: gíráàmù 1000
- Ṣúgà: gíráàmù 145
- Yíìsì gbígbẹ: gíráàmù 9
- Iyọ̀: gíráàmù 16
- Nọ́tímẹ́ẹ̀gì lílọ̀: síbí tíì 1
- Bọ́tà: gíráàmù 90

Mo fi síbí sílẹ̀ fún nọ́tímẹ́ẹ̀gì nítorí pé sìkéèlì ilé ìdáná kì í ka gíráàmù kan tàbí méjì dáadáa. Mílílítà 85 tó wà nílẹ̀ ni "kó lé díẹ̀" inú ìwé, ìdajì agolo.

Àwọn ìgbésẹ̀ ni mo wá kọ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ kan fún nọ́ńbà kan. Ibi tí ìwé ti sọ pé "jẹ́ kó wú", mo kọ àmì tí ojú lè rí, mo sì fi àkókò kún ti àkọ́kọ́.

1. Ya gíráàmù 160 àgbọn sọ́tọ̀. Da omi gbígbóná sí ìyókù, fún un, sẹ́ ẹ.
2. Dúró kí omi àgbọn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí ìka bá lè wà nínú rẹ̀ láìta, ó ti tó.
3. Da fúláwà, ṣúgà, yíìsì, iyọ̀ àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì pọ̀.
4. Da mílílítà 510 omi àgbọn sí i, pò ó. Tí fúláwà gbígbẹ bá ṣì wà nísàlẹ̀ abọ́, fi èyí tó wà nílẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀.
5. Fi bọ́tà àti àgbọn sí i, pò ó fún ìṣẹ́jú 12 sí 15, títí yóò fi dán tí kò sì lẹ̀ mọ́ abọ́ mọ́.
6. Bò ó títí tí yóò fi tó ìlọ́po méjì, bíi wákàtí kan sí kan ààbọ̀. Tẹ ìka bọ̀ ọ́. Bí ojú ibẹ̀ kò bá tètè padà, ó ti wú tó.
7. Gé e sí mẹ́rin, bíi gíráàmù 490 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká a, tò ó sínú páànù tí a ti fi bọ́tà pa.
8. Bò ó títí yóò fi dé etí páànù.
9. Yan án ní 180°C fún ìṣẹ́jú 30 sí 35. Yọ ọ̀kan, kan ìdí rẹ̀: tí ó bá dún bí ohun tó ṣófo nínú, ó ti jinná.

Màmá kò ní nọ́ńbà kankan lára ófúùnù wọn. Iná àárín ni wọ́n ń pè é. Mo gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru sínú rẹ̀ nígbà tí búrẹ́dì wà nínú, ó sì wà nítòsí 180, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá létí. Ìgbésẹ̀ kẹjọ ni wọ́n dá mi dúró sí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé lásìkò ọyẹ́, aṣọ tútù la fi ń bò ó, kí ojú rẹ̀ má baà gbẹ kó sì là. Mo kọ ọ́ sí i. Mo tún fi àlàyé kan sísàlẹ̀ pé agolo mílílítà 170 ni ìlànà náà ti wá, kí ẹni tó bá padà rí ìwé àjákọ náà lè mọ ife tó ń sọ. Àbúrò ọkọ mi ti fi èyí yan tirẹ̀ ní Ìkòròdú, ó sì wú dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ yan ìdajì, kó pín gbogbo ìwọ̀n sí méjì, kó sì yan páànù méjì. Àkókò wíwú àti àkókò yíyan kò ní yí padà, bí páànù bá ṣì tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀.