Mo to orúkọ àlejò ìgbéyàwó sí tébù, wọ́n ń sún kúrò láyè wọn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, àlejò 94 ló wà nínú Google Sheets mi, tébù kan gba èèyàn 8. Mo lo `=WRAPCOLS(A2:A95,8)` kí kọ́lọ́ọ̀mù lè dọ́gba, ó sì dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ ó pín ìdílé kan sí tébù méjì, `#N/A` méjì wà nísàlẹ̀ tébù 12, tí mo bá tún fi orúkọ kan sáàárín báyìí gbogbo àwọn tó kù á sún. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bí WRAPCOLS ṣe ń ṣe nìyẹn o. Ó kàn ń ka orúkọ láti òkè wá sísàlẹ̀ ni, tó bá ti ka 8 á bọ́ sí kọ́lọ́ọ̀mù tó kàn, kò mọ ẹni tó bá ẹni tan. `#N/A` méjì yẹn, àyè ìjókòó tó ṣẹ́kù ni, torí tébù méjèèjìlá lápapọ̀ gba èèyàn 96.

Nọ́ńbà tébù ló yẹ kó máa darí orúkọ. Ẹ pe ṣíìtì tí orúkọ wà ní `Alejo`, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ara yín kọ nọ́ńbà tébù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́lọ́ọ̀mù B. Èyí ló máa gba àkókò jù, ẹ má kánjú, torí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ẹni tó yẹ kó jókòó ti ẹnìkejì ẹ̀.

Ẹ wá ṣí ṣíìtì míì, ẹ kọ 1 dé 4 sí A1 dé D1, 5 dé 8 sí A10 dé D10, 9 dé 12 sí A19 dé D19. Ẹ kọ èyí sí A2:

```
=FILTER(Alejo!$A$2:$A, Alejo!$B$2:$B=A1)
```

Ẹ kọ́pì ẹ̀ sábẹ́ gbogbo nọ́ńbà tó kù, kẹ́ ẹ sì kọ "tán" sí A28 dé D28. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fi àyè sílẹ̀ láàárín tébù tòkè àti tìsàlẹ̀ ni. Ká ní ẹnì kan lọ fi ẹni kẹsàn-án sí tébù 3, orúkọ yẹn á kọlu nọ́ńbà 7 tó wà ní C10, C2 á sọ `#REF!`, gbogbo orúkọ tébù yẹn á sì pòórá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, kò sóhun tó sọ nù, ẹ ṣáà yí nọ́ńbà ẹnì kan padà sí tébù tó ṣì láyè, wọ́n á padà. Àwọn tébù tó kù ò ní mira.

Tí orúkọ kan ò bá hàn rárá, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ẹ̀ wọlé bí ọ̀rọ̀, ó máa ń fara ti apá òsì sẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà gidi ń fara ti ọ̀tún. Ẹ fi `=COUNT(Alejo!B2:B)` yẹ̀ ẹ́ wò, tí ò bá pé 94, ẹ wá èyí tó fara ti òsì, ẹ pa á rẹ́, ẹ yan `Format > Number > Automatic` fún sẹ́ẹ̀lì yẹn, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀.

Ti fífẹ̀ kọ́lọ́ọ̀mù ò le: ẹ mú A dé D lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì, ẹ yan `Resize columns A - D`, ẹ fi nọ́ńbà kan tó gba orúkọ tó gùn jù síbẹ̀.