Ẹni mẹ́ta péré ló dáhùn: bí a ṣe ń bo àṣírí wọn nínú èsì ìwádìí

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní kí n bá àwọn fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn mẹ́rin lẹ́nu wò l'Ékòó. Ogójì èèyàn ló dáhùn. Ìbéèrè tó gbóná jù ni pé, "Ṣé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yín ti yọ lára owó oṣù yín rí láìsọ ìdí?" Báyìí ni mo ṣe kọ́kọ́ to èsì náà:

Yábàá: 14 dáhùn, 6 ní bẹ́ẹ̀ ni
Súrùlérè: 12 dáhùn, 5 ní bẹ́ẹ̀ ni
Màrínà: 11 dáhùn, 4 ní bẹ́ẹ̀ ni
Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta: 3 dáhùn, 2 ní bẹ́ẹ̀ ni
Àpapọ̀: 40 dáhùn, 17 ní bẹ́ẹ̀ ni

Ẹ wo Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àmọ́ ọ̀gá ibẹ̀ mọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni mowó. Ẹni tó dáhùn "rárá" gan-an ti mọ ohun tí àwọn méjì yòókù sọ, torí ó mọ ìdáhùn tirẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan èsì, ẹ lọ ka ìlérí tí ẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù. Ìdáhùn aláìlórúkọ ni èyí tí ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìwádìí pàápàá ò lè mọ ẹni tó ni ín. Ìpamọ́ àṣírí yàtọ̀: ẹ mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ ti ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ. Èmi kọ ọ́ sókè fọ́ọ̀mù pé "a ò ní mọ̀ yín, ọ̀gá kankan ò sì ní rí ìdáhùn yín," mo sì tún ń gba nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀ nítorí káàdì ìpè tí a fẹ́ fi dúpẹ́. Obìnrin kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ mí kẹ̀, ibo lẹ wá fẹ́ fi káàdì ránṣẹ́ sí?" Ojú tì mí. Ohun tó yẹ kí n kọ ni: "A mọ nọ́ńbà yín, a ò ní fi han ọ̀gá yín, a ó sì pa á rẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti fi káàdì ránṣẹ́." Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ aláìlórúkọ lóòótọ́, ìwé ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi gba nọ́ńbà, kí ó má bá ìdáhùn rìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan iye olùdáhùn tó kéré jù tí ẹ lè fi hàn lórí ìlà kan, kí ẹ sì yàn án kí ẹ tó rí èsì. Ọ̀pọ̀ ń lo márùn-ún. Fún ọ̀rọ̀ owó oṣù tàbí àìsàn, mẹ́wàá ni èmi ń lò. Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta ò pé mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ dá dúró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á pa ìlà Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta rẹ́, wọ́n á fi àpapọ̀ sílẹ̀. Ẹ ro 6, 5 àti 4 pọ̀, ó di 15. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 17, méjì tún yọjú. Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè ṣe ìṣirò yẹn nínú dánfó. Tí ẹ bá máa fi nǹkan pamọ́, ìlà méjì ló kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ pa rẹ́. Àmọ́ àdàpọ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí kò sí ìdáhùn tó sọnù nínú rẹ̀. Mo da Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta pọ̀ mọ́ Yábàá tó múlé gbè é: 17 dáhùn, 8 ní bẹ́ẹ̀ ni. Àpapọ̀ ò yí padà.

Bí ẹ bá ti dà wọ́n pọ̀, ẹ má tún yà wọ́n níbòmíràn. Tí àtẹ mìíràn tàbí ìròyìn ọdún tó ń bọ̀ bá dárúkọ Yábàá nìkan pé 14 ló dáhùn, 6 ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí ìkòkò ti jò nìyẹn.

Pípọ̀ nìkan ò sì tó. Ká ní gbogbo àwọn 12 ní Súrùlérè ló ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá wọn ò nílò láti méfò mọ́. Ó ti mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ. Bí ó bá rí báyìí, ẹ má pín ìbéèrè yẹn sí ṣọ́ọ̀bù rárá. Ẹ sọ ti ogójì náà lápapọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Èmi nìkan ni ọkùnrin níbí, èmi ni wọ́n ń ní kó gbé ẹrù." Mo sọ ọ́ di: "Òṣìṣẹ́ kan ní wọ́n ń fún òun níṣẹ́ tí wọn ò gbà òun fún." Òfin Ìdáàbòbò Déètà Nàìjíríà ti 2023 náà ò wo orúkọ nìkan: ohunkóhun tí a lè fi dá èèyàn mọ̀, ìbáà jẹ́ lọ́nà ẹ̀bùrú, déètà ẹni náà ni.

Nígbà tí mo gbé ìròyìn lọ, máníjà ní kí n kúkú fún òun ní fáìlì ìdáhùn gan-an. Mo ṣí fọ́ọ̀mù, mo ní kí wọ́n ka ìlà tó sọ pé ọ̀gá kankan ò ní rí i. Wọ́n kà á, wọ́n sì bi mí bóyá àtẹ náà ti wà ní títẹ̀.